Iṣẹ́ ni tàbí Másítà? Ìnáwó ńlá tí kì í sí nínú ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́

Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀wọ́ àwọn agùnbánirọ̀ kan bá ti parí ìsìnlú wọn, tí wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí, tí wọ́n sì bọ́ aṣọ kákí sílẹ̀, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ kó tó wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣé kí ọmọ gba iṣẹ́ tó rí ni, àbí kó padà sí yunifásítì lọ gba oyè Másítà? Ìbéèrè náà ti wá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún agùnbánirọ̀ lóṣù, tó jẹ́ N33,000 tẹ́lẹ̀, di N77,000 lọ́dún 2025, lẹ́yìn tí òfin ti sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ di N70,000 lọ́dún 2024. Ọmọ tó ti fi ọdún kan rí irú owó bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù kì í yára fẹ́ padà di ẹni tí ń tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti délẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á béèrè iye tí yunifásítì ń gbà. Wọ́n á ka owó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á ka owó ìwé, wọ́n á fi owó iṣẹ́ ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ lópin ẹ̀kọ́ kún un, wọ́n á sì ní iye tí Másítà máa ná àwọn nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò náà ti ń wọ́. Owó tó kúrò lápò ni wọ́n kà, wọn kò ka owó tí kò ní wọ àpò mọ́ nítorí ọ̀nà tí ọmọ yàn. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní orúkọ tí wọ́n ń pe èyí. Lédè tiwa, a lè pè é ní iye ohun tí ènìyàn yááfì: ohun tó dára jù lọ tí ọwọ́ ẹni ìbá tẹ̀, ká ní kì í ṣe ohun tí a yàn yìí la yàn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Lọ́dún 1960, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Theodore Schultz, tó padà gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1979, jókòó ṣe ìṣirò ohun tí ẹ̀kọ́ ń ná orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó ka owó olùkọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó tún ka owó iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìbá máa gbà ká ní wọn kò sí ní kíláàsì. Nígbà tó parí, ó rí i pé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àti yunifásítì, owó iṣẹ́ tí wọ́n yááfì yìí ju ìdajì gbogbo ìnáwó náà lọ. Bí a bá wo bí nǹkan ṣe rí níbí, kò sí ìdí tí ìdílé kan n'Íbàdàn tàbí l'Óṣogbo kò fi ní bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé nínú ìṣirò tirẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ẹ jẹ́ kí á fi ọmọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí á pe orúkọ rẹ̀ ní Bọ́lájí. Àpẹẹrẹ lásán ni, iye owó tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú sì jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò fi iye tirẹ̀ rọ́pò. Bọ́lájí ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ n'Íbàdàn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnlú tán. Ilé-iṣẹ́ kan ti fún un ní ìwé pé kó wá ṣiṣẹ́, N120,000 ni wọn yóò máa san fún un lóṣù. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, yunifásítì kan fún un láàyè láti wá ka Másítà fún oṣù méjìdínlógún. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ N300,000, ti èkejì N250,000, ó sì ya N100,000 sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N650,000. Iye tí bàbá rẹ̀ mọ̀ nìyẹn, òun ló sì ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Owó tí Bọ́lájí kò ní gbà ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. N120,000 lọ́nà oṣù 18 jẹ́ N2,160,000. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kó gbé gbogbo iye yìí sínú ìṣirò bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń náni lówó. Bó bá ń lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́, owó ọkọ̀, oúnjẹ ọ̀sán àti aṣọ tó yẹ òṣìṣẹ́ yóò fi nǹkan bí N25,000 ju ohun tó máa ná lóṣù bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Fún oṣù 18, ìyẹn jẹ́ N450,000. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ohun tó ń yááfì gan-an ku N1,710,000.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ti máa ń ṣe àṣìṣe kejì, tí wọ́n á ka oúnjẹ ilé àti owó ilé gbígbé mọ́ owó ẹ̀kọ́. Bọ́lájí yóò jẹun yálà ó lọ síbi iṣẹ́ tàbí ó lọ sí kíláàsì. Yóò sùn sínú yàrá kan náà. Ohun tí kò yí padà lọ́nà méjèèjì kò ní nǹkan kan ṣe nínú ìṣirò yìí. Ká ní yunifásítì náà wà nílùú mìíràn ni, tí yóò sì gba yàrá níbẹ̀, owó yàrá náà ni yóò wọlé, nítorí kì bá tí ná an ká ní ó jókòó sílé. Ìyàtọ̀ ló yẹ kí ènìyàn máa wá, kì í ṣe gbogbo ohun tó ń ná.

Ó tún ní ohun kan tí yóò dín ìnáwó náà kù. Akẹ́kọ̀ọ́ Másítà kì í sábà wà ní kíláàsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, Bọ́lájí sì lè máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní lẹ́sìnnì. Bó bá ń rí N30,000 níbẹ̀ lóṣù, tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kò sì ní jẹ́ kó ráàyè fún un, N540,000 nìyẹn láàárín oṣù 18. Owó yìí ni ọ̀nà Másítà mú wá fún un, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ìnáwó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá Bọ́lájí ṣì kù. Òun ló fẹ́ san N300,000 ọdún àkọ́kọ́, inú òwò epo pupa rẹ̀ sì ni owó náà wà. Gbogbo ẹni tó bá mọ òwò epo ló mọ̀ pé ìgbà tí àwọn tó ń fún epo bá ń rí ẹyìn púpọ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ọdún, ni epo máa ń pọ̀ tí owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó lówó lọ́wọ́ á rà á sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì tà á nígbà tó bá ti wọ́n nígbẹ̀yìn ọdún. Bí ìyá Bọ́lájí bá sábà máa ń jèrè N60,000 lórí N300,000 láti ìgbà tó rà á dé ìgbà tó tà á, kì í ṣe N300,000 péré ló gbé fún ọmọ rẹ̀. N360,000 ni, nítorí èrè náà kò ní wáyé. Bí ìyá bá sọ pé, "Bọ́lájí, owó epo mi lo fẹ́ gbé lọ yìí o," kì í ṣe àrò ló ń rò. Ìṣirò tó péye ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á wá kó o jọ. N1,710,000 tí iṣẹ́ ìbá mú wọlé, pẹ̀lú N650,000 owó ẹ̀kọ́, pẹ̀lú N60,000 èrè epo, jẹ́ N2,420,000. Bí a bá yọ N540,000 owó lẹ́sìnnì kúrò, ó ku N1,880,000. Ohun tí Másítà yìí ń ná ìdílé náà nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta iye tí bàbá ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí Bọ́lájí má lọ. Ohun tó kàn ni láti mọ ohun tí Másítà máa mú padà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tàn tó tóbi jù lọ wà. Ká sọ pé ẹni tó ní Másítà nínú iṣẹ́ irú tirẹ̀ ń gba N160,000 bó bá bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ojú máa ń yára rí ni pé N160,000 fi N40,000 ju N120,000 lọ. Bí a bá fi N40,000 pín N1,880,000, yóò gba oṣù 47, ìyẹn kò tó ọdún mẹ́rin, kí owó náà tó padà wọlé. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa tẹ́wọ́ gba irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n N120,000 ni Bọ́lájí tó wà níbi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, kì í ṣe ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Lẹ́yìn oṣù 18, ó ti mọ iṣẹ́, wọ́n sì lè ti sún owó rẹ̀ dé N145,000. Bọ́lájí akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde bọ̀ nígbà yẹn, Bọ́lájí òṣìṣẹ́ sì ti wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló yẹ kí á fi wéra ní ọjọ́ kan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sì jẹ́ N15,000 péré lóṣù. Bí a bá fi N15,000 pín N1,880,000, oṣù 125 ni, ìyẹn ju ọdún mẹ́wàá lọ, a kò sì tíì sọ pé náírà tí ènìyàn ná lónìí kì í ṣe ẹgbẹ́ náírà tó máa gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Àpẹẹrẹ kan náà ni, owó kan náà ni, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra nìkan ló yàtọ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé iṣẹ́ tí Másítà máa ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ń san N205,000, ìyàtọ̀ náà di N60,000, owó náà yóò sì padà wọlé láàárín oṣù 32. Nítorí náà, ìbéèrè tó wúlò kì í ṣe pé ṣé Másítà dára. Ìbéèrè náà ni pé nínú iṣẹ́ tí ọmọ yìí ń lé, ṣé ìwé-ẹ̀rí yẹn ni wọ́n ń san owó fún, àbí ọdún tí ènìyàn ti fi ṣe iṣẹ́ náà? Ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì kò lè sá fún Másítà, ó tilẹ̀ gbọ́dọ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni, ìrírí ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ kò ṣòro: kó kó ìpolówó iṣẹ́ tó fẹ́ jọ, bíi ogún, kó sì ka iye tó sọ pé dandan ni Másítà àti iye tó béèrè ọdún ìrírí. Ìwé ìròyìn àtijọ́ pàápàá máa ń wúlò fún èyí. Kó tún wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí àwọn báńkì kan kì í gba ẹni tó bá ti kọjá ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Fún ọmọ tó ti pé ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n, oṣù 18 ní kíláàsì lè ti ilẹ̀kùn yẹn pa, àǹfààní tó bọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tó yááfì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú owó tí a kà.

Oṣù 18 yẹn gan-an kò dáni lójú nílẹ̀ wa. Lọ́dún 2020, ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹta, kò sì parí títí di oṣù kejìlá. Lọ́dún 2022, wọ́n tún gùn lé òmíràn ní oṣù kejì, oṣù kẹwàá ni wọ́n dá a dúró, oṣù mẹ́jọ gbáko. Yunifásítì kì í béèrè owó oṣù tí kò kọ́ni, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi máa ń rò pé àkókò nìkan ni ìyanṣẹ́lódì ń gbà. Ṣùgbọ́n kí á fi oṣù mẹ́jọ kún ẹ̀kọ́ Bọ́lájí. Nígbà yẹn, N145,000 ni ìbá ti máa gbà níbi iṣẹ́. Bí a bá yọ N25,000 ìnáwó iṣẹ́ àti N30,000 lẹ́sìnnì tó ṣì ń ṣe, ó ku N90,000 lóṣù. Oṣù mẹ́jọ jẹ́ N720,000. N1,880,000 ti di N2,600,000, láìsí pé ẹnikẹ́ni mú ìwé owó tuntun kan wálé. Ẹni tó bá ń yan láàárín yunifásítì ìjọba àti ti aládàáni, tí kì í sábà bá wọn yanṣẹ́ lódì, yóò rí i níbí pé owó ilé-ẹ̀kọ́ tó kéré lè má jẹ́ ẹ̀kọ́ tó gbówó kéré.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló dé bá ètò ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ṣòfin rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2024 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, tí kò ní èlé. Ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń fún ọmọ ní N20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Ìrànwọ́ gidi ni. Síbẹ̀, ọmọ tó jẹ́ pé òun ló ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ kò rí ẹni san owó ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ìyá náà máa gbà bó bá lọ. Ó jọ pé èyí wà lára ìdí tí àwọn ọmọ tálákà kan kì í fi í wọlé ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n tilẹ̀ sọ pé ọ̀fẹ́ ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á gba ìwé iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ Bọ́lájí. Ká ní kò ríṣẹ́ rárá, tó ti kọ ìwé síbi púpọ̀ tí kò sẹ́ni tó dáhùn. Kí ló ń yááfì bó bá wọ yunifásítì? Lẹ́sìnnì tí ìbá máa kọ́ ni yóò ṣì máa kọ́. Owó oṣù kankan kò bọ́. N650,000 àti èrè epo N60,000 ni gbogbo ìnáwó rẹ̀, N710,000. Másítà tó wọ́n gógó fún ọmọ tó ríṣẹ́ ti rọjú fún ọmọ tí kò rí i. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi irú wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń sá pamọ́ sínú kíláàsì. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ni ènìyàn lè yááfì. Iṣẹ́ epo rọ̀bì tí ó ń lálàá rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó pè é sí i, kò sí nínú ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò tọ́ kí ọmọ tó ní ọ̀nà mẹ́ta níwájú ro owó méjì tí kò yàn pọ̀, nítorí kì bá tí lè wà níbi méjèèjì. Èyí tó dára jù nínú wọn nìkan ló máa kà.

Ọ̀nà kẹta wà tí ọ̀pọ̀ kì í gbé yẹ̀wò nítorí pé owó tó wà lórí rẹ̀ ń bani lẹ́rù: Másítà àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń kọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ká ní N1,000,000 ni wọ́n ń gbà fún un látòkèdélẹ̀. Ó ju N650,000 lọ dáadáa, ojú bàbá yóò sì dá. Ṣùgbọ́n Bọ́lájí yóò máa gba N120,000 rẹ̀ lọ ní gbogbo àkókò náà, yóò lè fi í san owó ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀díẹ̀, owó epo ìyá rẹ̀ yóò sì wà níbi tó wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ N1,880,000, òun ló rọjú. Ohun tó yááfì níbẹ̀ ni ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀, àti ohun kan tó yẹ kó béèrè kó tó san kọ́bọ̀: àwọn yunifásítì kan kì í gba irú Másítà yìí fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú gba oyè ọ̀mọ̀wé. Fún ẹni tó ń lé iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ìyẹn nìkan tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ó ku N50,000 tí Bọ́lájí ti san fún yunifásítì láti fi gba àyè tí wọ́n fún un, tí wọn kì í dá padà. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa sọ pé, "A ti san owó, o gbọ́dọ̀ lọ." Owó yẹn ti lọ, bó wọ kíláàsì, bó wọ ibi iṣẹ́, kò ní padà, ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú ìṣirò òkè yìí. Ohun tó lè ṣe pẹ̀lú rẹ̀ ni kó kọ̀wé sí yunifásítì kó tó di pé ìforúkọsílẹ̀ parí, kó béèrè bóyá wọ́n lè tọ́jú àyè náà dè é di ọdún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbà, kó má gbàgbé pé ìṣirò tuntun ni yóò ṣe nígbà náà. Bó bá sì sún un títí dé ìgbà tí owó rẹ̀ dé N145,000, kì í ṣe N120,000 ni yóò máa fi sílẹ̀ lóṣù mọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ìyàwó àti ọmọ ti wà nílé tí wọ́n ń retí owó náà ní ìparí oṣù.